Ipò gómìnà tọ́ sí Ìwọ̀-oòrùn Kogí, ṣùgbọ́n èébú kọ́ la ó fi gbà á

Ẹ̀gbọ́n, ẹ okun o.

Mo ka ohun tí ẹ kọ tán, mo sì tún un kà. Kókó ọ̀rọ̀ yín ni pé àsìkò ti tó kí gómìnà Kogí wá láti Ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan nínú agbègbè sẹ́nétọ̀ mẹ́ta tó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Mo gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ibi tí ọ̀nà èmi pẹ̀lú yín ti yà ni ìpínrọ̀ kẹta, níbi tí ẹ ti bú gbogbo ará Ìlà-oòrùn àti ti Àárín Gbùngbùn pọ̀, tí ẹ sì ní ọmọ wa kan tó wà nípò ti gba owó láti tà wá. N ó dé ibẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ojo ló mú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi ń sọ pé ipò yẹn tọ́ sí wa. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni ìjọba ológun dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n yọ wá kúrò lára Kwárà, wọ́n yọ àwọn Ígálà tó wà ní Ìlà-oòrùn kúrò lára Bẹ́núé, wọ́n ní ká máa bára wa gbé. Láti ìgbà náà, èèyàn márùn-ún ló ti di gómìnà nípasẹ̀ ìdìbò: Abubakar Audu, Ibrahim Idris, Idris Wada, Yahaya Bello, àti Usman Ododo tó wà níbẹ̀ báyìí. Ìlà-oòrùn ni àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ti wá, Àárín Gbùngbùn ni àwọn méjì tó kù. Tiwa dà? Ìgbákejì gómìnà ni Yọ̀mí Awóníyì ọmọ Mọ̀pà ṣe lábẹ́ Wada, láti 2012 sí 2016. Ìgbákejì kì í ṣe gómìnà, kò sì sí ẹni tó máa fi ìyẹn tù mí nínú.

Ẹ wá kọ ọ́ pé ọmọ wa kò jókòó sórí àga yẹn rí, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ tún un ṣe, ẹ̀gbọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, nígbà tí ilé-ẹjọ́ fagi lé ìdìbò Ibrahim Idris, Clarence Ọláfẹ́mi tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọmọ Mọ̀pàmúrò, ló di gómìnà àdelé títí wọ́n fi tún ìbò náà dì. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni. Ó dájú pé ìyẹn kọ́ là ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta kò wá yóò gbá àṣìṣe kékeré yẹn mú, yóò sì fi bo òótọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ 2015 náà, mo mọ bó ṣe dun àwọn ènìyàn tó, pàápàá ní Ìjùmú. Audu kú kí wọ́n tó kéde èsì, James Fálékè ọmọ Ẹ̀kìnrìn-Àdé ló jẹ́ igbákejì rẹ̀ lórí ìwé ìdìbò, ẹgbẹ́ wọn, APC, sì fi Yahaya Bello rọ́pò olóògbé. Fálékè gbé e dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, wọ́n sì da ẹjọ́ rẹ̀ nù ní 2016. Ènìyàn lè sọ pé òun kò fara mọ́ ìpinnu ẹgbẹ́ nígbà yẹn. Èmi náà kò fara mọ́ ọn títí dòní. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé pé "wọ́n jí i" jìnnà, ilé-ẹjọ́ kò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ó kù sí ibi tí mo ní ohun gidi í sọ. Ẹ gbé bírò.

Ìjọba ìbílẹ̀ 21 ló wà ní Kogí. Mẹ́sàn-án wà ní Ìlà-oòrùn, márùn-ún wà ní Àárín Gbùngbùn, méje wà lọ́dọ̀ wa: Ìjùmú, Kàbà-Bùnú, Mọ̀pàmúrò, Yàgbà Ìlà-oòrùn, Yàgbà Ìwọ̀-oòrùn, Lọ́kọ́ja àti Kogí tí oríkò rẹ̀ wà ní Kọ́tọ̀n-Káfè. Abala 179 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní kí ẹni tó bá fẹ́ di gómìnà ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì tún ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò tí wọ́n dì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 21 jẹ́ 14.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Ká ní gbogbo wa ní Ìwọ̀-oòrùn panu pọ̀, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé etí odò, méje nìyẹn. Ká tún wá ní gbogbo Àárín Gbùngbùn dara pọ̀ mọ́ wa, ó di méjìlá. Ó ṣì ku méjì. Ìlà-oòrùn nìkan la ti lè rí méjì yẹn. Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀: Ìlà-oòrùn mẹ́sàn-án àti Àárín Gbùngbùn márùn-ún, mẹ́rìnlá géérégé. Bí àwọn méjèèjì bá fọwọ́ sọ́wọ́, òfin kò ní kí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn wa rárá. Àwa la nílò wọn. Ohun tó sì wà nínú ìpínrọ̀ kẹta yín ni èébú sí àwọn tí òfin ní ká lọ bẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé "kí wọ́n yí i ká ni, ó kàn wá." Mo fara mọ́ yíyí i ká. Ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan nínú ìwé òfin tó ní kí agbègbè kan gba ipò gómìnà lẹ́yìn òmíràn. Ohun tó súnmọ́ ọn jù ni abala 14, ẹsẹ̀ kẹrin, tó ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ rí sí i pé bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe yàtọ̀ síra hàn nínú ẹni tí wọ́n bá yàn sípò, kí gbogbo wọn lè mọ̀ pé tiwọn ni. Àríyànjiyàn tó dára nìyẹn fún ẹni tó bá jókòó pẹ̀lú àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú. Kì í ṣe ohun tí a lè fi pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Inú ẹgbẹ́, kí ìdìbò abẹ́lé tó wáyé, ni wọ́n ti ń yí i ká, tàbí kí wọ́n kọ̀ láti yí i. Ẹni tí kò sí nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín in.

Ohun kan tún wà tó ń dà mí láàmú nínú ohun tí ẹ kọ. Gbogbo ibi tí ẹ ti fẹ́ sọ Ìwọ̀-oòrùn, Okun lẹ kọ. Okun ni mí, n kò sì ní fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Kupa àti Kakanda wà ní Lọ́kọ́ja, Ẹ̀bìrà Kọ́tọ̀ ló pọ̀ ní Kọ́tọ̀n-Káfè, gbogbo wọn sì wà nínú agbègbè sẹ́nétọ̀ kan náà pẹ̀lú wa. Tí ọmọ Kọ́tọ̀n-Káfè bá ka ìwé yín, ibo ni yóò ti bá ara rẹ̀? Àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ pàápàá, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ọ̀bájànà wà lórí ilẹ̀ wọn, ẹ kò dárúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò tíì kó ìjọba ìbílẹ̀ méje tirẹ̀ jọ tán ń bá mẹ́sàn-án jà.

Ẹ sì rántí oṣù kọkànlá ọdún 2023. Dino Melaye gbé àpótí lábẹ́ PDP, Lékè Abéjídé gbé tirẹ̀ lábẹ́ ADC, ọmọ Okun làwọn méjèèjì. Èsì tí INEC kéde fún Ododo jẹ́ 446,237, ti Muri Ajaka ti ẹgbẹ́ SDP jẹ́ 259,052, ti Melaye sì jẹ́ 46,362. Wọ́n gbé èsì yẹn lọ sí ilé-ẹjọ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fọwọ́ sí i ní 2024. Ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni rò nípa bí ọjọ́ ìdìbò yẹn ṣe lọ (èmi náà ní èrò tèmi), ọmọ wa kan kò bá wọn dé ipò kejì. Ẹ má ṣe di ẹ̀bi yẹn lé Ígálà lórí.

Ó wá ku ẹni tí ẹ dárúkọ. N kò ní tún orúkọ yẹn pè níbí. Ẹ ní ó gba owó. Ṣé ẹ rí ìwé? Ṣé ẹ wà níbẹ̀? Bí ẹ bá ní ẹ̀rí, EFCC wà, ICPC wà, ẹ kọ ọ́, ẹ fi orúkọ yín sí i, èmi ni yóò kọ́kọ́ kí yín kú iṣẹ́. Bí kò bá sí ẹ̀rí, ẹ yọ ọ́. Èmi kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn ẹni náà, n kò sì dìbò fún un rí. Ohun tí mo lè bi í ní gbangba pọ̀ láìfi ẹ̀sùn olè kàn án: àbádòfin wo ló gbé wá? Iṣẹ́ wo ló wà nínú ìwé ìṣúná fún agbègbè wa, èwo ni wọ́n ṣe, èwo ni wọ́n pa tì? Ó jẹ́ gbèsè ìdáhùn fún wa. Ẹni tí a bá pè ní olè láìsí ẹ̀rí yóò fi ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ dá wa lóhùn, àwọn ìbéèrè yẹn á sì sùn síbẹ̀.

Lórí ọ̀nà, n kò ní pẹ́. Ẹ ní ìjọba ìpínlẹ̀ ló pa ọ̀nà Kàbà sí Ìsánlú sí Ẹ̀gbẹ̀ tì. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, òun ló lọ títí dé Òmù-Àrán àti Ìlọrin. Àbújá ni kí ẹ darí ìbínú yẹn sí. Gómìnà lè bá wa pariwo, ó sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ọ̀nà náà. Àwọn ọ̀nà inú Bùnú tí òjò ń gé kúrò lára ayé lọ́dọọdún, ìyẹn la lè bi Lọ́kọ́ja léèrè, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹ kò sọ̀rọ̀ wọn.

Sáà tí Ododo ń lò lọ́wọ́ yóò parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2028, òfin sì fún un láyè láti tún dije lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀tọ́ tiwa ni láti fa èèyàn tiwa kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ká dúró kó ṣe é tán, kí wọ́n tó wá gbé e fún wa. Ta ló bá wa ṣe àdéhùn yẹn? Kí orúkọ ẹnì kan jáde láti Ìwọ̀-oòrùn, ẹnì kan ṣoṣo, kó sì tètè jáde, kó lè ráyè lọ sí Ankpa, Dekina àti Okene kí àsìkò ìpolongo tó dé. Kó bá wọn sọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn olùkọ́ àti owó ìfẹ̀yìntì, torí àwọn náà ń jìyà rẹ̀ bíi tiwa.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yọ ìpínrọ̀ kẹta yẹn kúrò, kí ẹ sì tún ti Ọláfẹ́mi ṣe. Mo ní ọ̀rẹ́ méjì ní Idah tí a jọ sin ilẹ̀ baba wa. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ ọ́ ni n ó fi ìyókù ránṣẹ́ sí wọn.