Gbólóhùn mẹ́ta sí Ìyá Ìbejì, aláàdìrẹ Ìtòkú

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ tó ń bọ̀ lọ́nà. Àbẹ̀kẹ́ ni, ọmọ tó ra aṣọ aláwọ̀ sánmà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ ní kó jókòó sórí àpótí.

Mo wà lórí àpótí yẹn nígbà tí ẹ ń ṣàlàyé Ìbàdàndùn fún ìyá kan tó ti Èkó wá, ẹyọ kan ló fẹ́ rà, mẹ́ta ló dì lọ, àmọ́ nígbà tí mo délé tí mo ṣí sítétọ́ọ̀sì yín lórí Wọ́sáàpù, aṣọ yẹn náà ni mo bá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju "Yáàdì márùn-ún, ó wà nílẹ̀" lọ.

Akọ̀wé ni mí, ọ̀rọ̀ ọjà ni mò ń kọ fún àwọn oníṣòwò, mo sì fẹ́ máa kọ àlàyé tí ẹ ń fẹnu ṣe nínú ìsọ̀ sábẹ́ àwòrán aṣọ yín, mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ní ₦40,000, kí ẹni tó wà ní Ìlọrin tàbí Lọ́ńdọ́ọ̀nù lè gbọ́ ohun tí ìyá Èkó yẹn gbọ́.

Ẹ fi àwòrán aṣọ tó ti pẹ́ jù nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín ránṣẹ́ sí mi, mo máa kọ tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ bá sì kà á tí kò jọ ohùn yín, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, mo ṣì máa wá ra aṣọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ nìyẹn, Mà. Mo mọ̀ pé ojú ọjà kò gba ìwé gígùn. Ohun tó kù nísàlẹ̀ yìí, ẹ fi í sílẹ̀ di alẹ́ tí ẹ bá ti pa ìsọ̀ dé, tàbí kí ẹ ní kí Táíwò kà á sí yín létí.

Èyí ni mo kọ sábẹ́ Ìbàdàndùn. Ọ̀rọ̀ yín ni, èmi kàn tò ó ni:

"Ẹ wo òpó tó tò sára aṣọ yìí. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn ni, gbọ̀ngàn orí òkè tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929. Àwọn ìyá wa rí i, ó wù wọ́n, wọ́n yà á sára aṣọ, wọ́n ní Ìbàdàn dùn. Ohun tó wà láàárín òpó sí òpó, ṣíbí ni. Ìyẹ́ adìyẹ la fi kọ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ láfún la fi kọ ọ́, a sì wá rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹ fi ìka wọn ṣíbí méjì tó bá wù yín, ẹ máa rí i pé ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Yáàdì méjì-ààbọ̀ lọ́nà méjì ni, ẹ rán an pọ̀, ó di ìró kan. Méjì ló kù ní ìsọ̀."

Mo fẹ́ kí ẹ wo ibi tí mo ti sọ pé ṣíbí kan gùn ju èkejì. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ìyá Èkó yẹn ti mú aṣọ náà dání, ó ń wò yín bíi pé ó fẹ́ sọ pé ó wọ́n, ó ní irú rẹ̀ wà ní Balógun tí kò tó ìdajì owó yìí. Ẹ ò bá a jà. Ẹ kàn tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ẹ ní kó wá ṣíbí méjì tó bá ara wọn mu. Ó wá a, kò rí i. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, ṣíbí àkọ́kọ́ àti ọgọ́rùn-ún tó tẹ̀lé e, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti jáde nínú báàgì. Mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ ọjà fún ọdún mẹ́rin, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó ta ọjà tó ìyẹn, ó sì dùn mí pé àwa mẹ́ta tó wà nínú ìsọ̀ lọ́jọ́ náà nìkan la gbọ́ ọ.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyẹn. Ẹ ò nílò ẹni tó máa wá fún yín ní ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu yín. Ohun tí ẹ kò ní ni àyè láti jókòó kọ ọ́, nítorí pé ọwọ́ tó wà nínú aró látàárọ̀ kò lè máa tẹ fóònù.

Mo ní láti sọ ohun kan fún yín nípa iṣẹ́ mi, kí ẹ má bàa gbọ́ ọ níta. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ̀rọ̀ fún oníbàtà kan níbí ní Abẹ́òkúta. Mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá tí mo mọ̀ síbẹ̀, ó dùn ún kà, àwọn èèyàn tiẹ̀ ń yìn ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè bàtà. Mi ò lọ jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀ rárá kí n tó kọ ọ́. Mo dá ìdajì owó rẹ̀ padà fún un. Láti ìgbà náà, mi ò kọ ọ̀rọ̀ fún ọjà tí mi ò tíì fọwọ́ kàn, tí mi ò sì tíì gbọ́ bí olówó rẹ̀ ṣe ń tà á.

Bí a ó ṣe máa ṣe é rọrùn. Ní alẹ́ Sunday kọ̀ọ̀kan, ẹ yàwòrán aṣọ mẹ́ta, ẹ fi ohùn sọ̀rọ̀ sí mi lórí Wọ́sáàpù bí ẹni ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀: orúkọ aṣọ, bí ẹ ṣe ṣe é, ta ló máa ń rà á, iye rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Bó bá di Tuesday, ẹ máa rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà, ní Yorùbá àti ní Òyìnbó, nítorí mo gbọ́ tí ẹ sọ pé àwọn ọmọ wa tó wà ní Húsítìn ń béèrè aṣọ ẹbí lọ́wọ́ yín. Èyí tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ, mo máa tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì láìgba kọ́bọ̀. Bí a bá parí oṣù kan, gbogbo méjìlá di tiyín títí ayé, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì, ẹ kò ní tún fún mi lówó lórí ẹ̀.

₦20,000 ni mo máa ń gbà kí n tó bẹ̀rẹ̀, ₦20,000 nígbà tí ìkejìlá bá dé ọwọ́ yín. Mi ò lè ṣèlérí iye aṣọ tí ẹ máa tà. Ẹni tó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un lówó yín. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé ẹ kò ní máa dáhùn ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́: yáàdì mélòó ni, ṣé ó máa ń ṣí, báwo la ṣe ń fọ̀ ọ́. Ti fífọ̀ yẹn, mo ti kọ tirẹ̀ náà, ẹ kàn lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kékeré kí ẹ máa kì í bọ inú ọ̀rá tí ẹ fi ń di aṣọ:

"Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ mí, ẹ fọ èmi nìkan. Aró máa jáde díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, èyí tó ṣẹ́kù lára mi ni. Omi tútù ni kí ẹ lò, kí ọṣẹ má le, ibòji ni kí ẹ sá mi sí."

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi. Ẹ fi aṣọ méjì hàn mí lọ́jọ́ náà: èyí tí ẹ fi aró sódà ṣe, àti ẹyọ kan tó wà lókè pátápátá, tí ẹ ní èlú ni. Ẹ sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń gún ewé èlú, tí wọ́n ń mọ ọ́n rógódó, tí wọ́n ń sá a gbẹ, tí wọ́n wá ń fi omi eérú rẹ ẹ́ nínú ìkòkò fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó di aró. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí owó rẹ̀ yàtọ̀. Èyí tó bá jẹ́ èlú, mo máa kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀ pé èlú ni. Èyí tó bá jẹ́ sódà, mi ò ní kọ èlú sábẹ́ rẹ̀, kódà bí oníbàárà bá ń wá èlú lójú méjèèjì. Aṣọ sódà yín lẹ́wà, ọwọ́ yín ló ṣe é, ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí a lè sọ. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fẹ́ ẹ, nítorí pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè.

Mo máa wá sí Ìtòkú ní Thursday láti gba okùn tí ìyá mi ní kí n bá òun rà. Bí ẹ bá ti rí aṣọ tó pẹ́ jù nílẹ̀ yẹn, ẹ yàwòrán rẹ̀ sí mi kó tó dìgbà náà. Àdìrẹ oníko yẹn ló wà lọ́kàn mi, èyí tó ní àmì rogodo ńlá láàárín àwọn kéékèèké bí òṣùpá láàárín ìràwọ̀, tó ká sábẹ́ àwọn kàm̀pálà lápá òsì ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ mọ èyí tó ń wù yín kó kọ́kọ́ lọ.

Ẹ bá mi kí àwọn ìbejì.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ orí àpótí