Ẹ̀bẹ̀ kékeré kan sí Àǹtí wa níbi iṣẹ́: ₦40,000 nínú owó oṣù mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kẹwàá 2025, aago 8:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, Àǹtí. Ẹ kú iṣẹ́ òní. Mo lérò pé ẹ ti délé láyọ̀, pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Ìkòròdú kò dá yín dúró pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí n bá yín sọ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ kún ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kọ́ọ̀dù, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá èmi pẹ̀lú yín. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́.

Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi gba ₦40,000 ṣáájú nínú owó oṣù mi, bí ó bá ṣeé ṣe kí n rí i gbà kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù yìí, tó ṣú.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìjì ńlá kan jà ní Ìṣẹ́yìn, ó sì ká páànù kúrò lórí yàrá màmá mi. Ara wọn le, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òwú tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń hun aṣọ òfì, inú yàrá yẹn ni wọ́n ń kó o sí, òjò sì ti pa á. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò ni wọ́n ń sùn láti ọjọ́ náà. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n, Àǹtí, òjò kò sì tíì dáwọ́ dúró lápá ibẹ̀.

Káfíńtà ti wo ilé náà. Páànù mọ́kànlá ni yóò gbà, ₦6,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦71,500. Pákó, ìṣó àti owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦23,500. Gbogbo rẹ̀ di ₦95,000. Mo ti fọ́ kóló mi, ₦35,000 ni mo bá níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ṣakí fi ₦20,000 ránṣẹ́. ₦40,000 ló kù. Mo ń dá àjọ, ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ni yóò kàn mí, ẹni tí oṣù yìí kàn sì ti ná tirẹ̀.

Ẹ bá mi yọ ₦20,000 nínú owó oṣù yìí, kí ẹ yọ ₦20,000 tó kù nínú ti oṣù Kọkànlá.

Bí kò bá bọ́ sí i, Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí ó ni yín lára láti sọ fún mi. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n mọ̀ kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, kí n lè wá ọ̀nà mìíràn. N kò ní torí rẹ̀ fa ẹsẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí kò sì kàn mí, nítorí náà n kò ní tọrọ àyè láti lọ sílé.

Ẹ ṣeun, mà.

Aago 9:02 alẹ́

Ọmọ Ẹbẹdí, pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń kà á. Ó dáa pé páànù náà kò já lu màmá. Bá mi kí wọn.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ. O mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo ń fọwọ́ sí owó, ọ̀gá àgbà ni. Ohun méjì ni wọn yóò bi mí, mo fẹ́ kí n ti ní èsì lọ́wọ́. Ṣé o ti gba irú rẹ̀ rí? Kí ló sì dé tí o fi pín in sí oṣù méjì?

Aago 9:15 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbà á rí, nígbà tí ìyàwó mi bímọ ní oṣù Kejì 2024. ₦15,000 ni. Wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ ní ìparí oṣù náà, ó wà nínú ìwé akáńtáǹtì.

Ní ti oṣù méjì: ₦110,000 ni mo ń gbà. Bí wọ́n bá yọ ₦40,000 lẹ́ẹ̀kan, ₦70,000 ni yóò kù. Owó ilé, oúnjẹ àti owó ọkọ̀ yóò gbé e, kí oṣù Kọkànlá sì tó dé ìdajì, màá tún padà wá bá yín fún owó mìíràn. N kò fẹ́ irú ìyẹn. Pẹ̀lú ₦90,000, màá fún ìgbànú díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní yá owó lé owó.

Àwọn ayánilówó orí fóònù ń kàn sí mi, mà. N kò dá wọn lóhùn. Ẹnìkan ní àdúgbò wa yá a, nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀ kó tó san án, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀ pé olè ni. Ó sàn kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Aago 9:31 alẹ́

Ó yé mi. Kọ ìwé ṣókí fún akáńtáǹtì, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Má kọ ọ̀rọ̀ màmá sí i. Ìwé yẹn yóò wà nínú fáìlì, kò sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ṣí i máa ka ọ̀rọ̀ ilé rẹ. Èmi ni màá sọ ìyẹn fún ọ̀gá àgbà fúnra mi.

Aago 9:58 alẹ́

Òun nìyí, mà:

“Sí akáńtáǹtì. Mo tọrọ ₦40,000 ṣáájú nínú owó oṣù mi. Ẹ yọ ₦20,000 nínú èyí tí a ó gbà ní 30 oṣù Kẹwàá 2025, kí ẹ sì yọ ₦20,000 nínú èyí tí a ó gbà ní 28 oṣù Kọkànlá 2025. Bí mo bá kúrò níṣẹ́ kí ó tó tán, mo gbà kí ẹ yọ ìyókù nínú ohun tó bá tọ́ sí mi. Èmi, atẹ̀wé orí ẹ̀rọ Kọ́ọ̀dù. 14 oṣù Kẹwàá 2025.”

Màá tún un kọ sórí ìwé láàárọ̀, màá sì fọwọ́ sí i níwájú yín.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Kẹwàá, aago 1:20 ọ̀sán

Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Yẹ báǹkì rẹ wò kí o tó ṣíwọ́ iṣẹ́.

Aago 4:47 ìrọ̀lẹ́

Ó ti wọlé, Àǹtí, ₦40,000 gééré. N kò lè dúpẹ́ tó lójú gbogbo èèyàn níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á níbí. Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù Kẹwàá, aago 3:05 ọ̀sán

Ẹ kú ìsinmi, mà. Wọ́n ti kan páànù náà tán lánàá, màmá sì ti sun inú yàrá wọn mọ́jú. Wọ́n ní kí n kí yín, wọ́n ń ṣàdúrà fún yín láìmọ̀ yín. Mo ti wà nínú ọkọ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Abẹ́òkúta. Ní aago méje òwúrọ̀ ọ̀la, màá ti wà nídìí ẹ̀rọ. Àwọ̀ pupa nìkan ló kù lára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn.