Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ tí Olùdíje Kan Kọ lórí Ọ̀wọ́n Gógó Ọjà

Fún ẹ̀ka ìròyìn ilé iṣẹ́ rédíò wa, Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin tó ń du ipò aṣòfin àpapọ̀ gbé sójú ìwé Fesibúùkù rẹ̀ nìyí: "Ìyá mi kiri ẹ̀kọ kí n tó kàwé, mo mọ ebi. Àwọn ajẹnirun tó sọ wá di ẹrú ń pariwo, ṣùgbọ́n láàárín oṣù kan péré, ọ̀wọ́n gógó já láti ìdá 34.80 sí 24.48 nínú ọgọ́rùn-ún. Aláìmoore nìkan ni yóò ní ọjà ò tíì rọ̀."

Irọ́ kọ́ ni iye méjèèjì. Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè ló kéde 34.80 fún oṣù Kejìlá ọdún 2024, òun náà ló sì kéde 24.48 fún oṣù Kìíní ọdún 2025. Ohun tí olùdíje náà fò ni pé láàárín ìkéde méjèèjì, àjọ náà pa òṣùwọ̀n rẹ̀ dà: ó kúrò lórí iye owó ọdún 2009, ó bọ́ sórí ti ọdún 2024, ó sì tún àkójọ ọjà tó ń ṣírò tò. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi kọ́ńgò wọn gàárì lánàá, tó wá fi agolo mìíràn wọ̀n ọ́n lónìí, kò lè torí iye agolo sọ pé gàárì dín kù. Lórí òṣùwọ̀n àtijọ́ yẹn kan náà, ìdá 22.41 ni ọ̀wọ́n gógó wà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kó tó gun òkè dé 34.80. Olùdíje yìí bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti orí òkè.

Àní bí a bá gba 24.48 bẹ́ẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ọjà tí a rà ní 1,000 náírà ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ti sún mọ́ 1,245 náírà ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Ọjà ò rọ̀. Eré tó fi ń gòkè ni wọ́n ní ó dín kù.

Ní ti èdè, "ajẹnirun" kò dárúkọ ẹnì kankan, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fèsì. "Aláìmoore" ló le jù lójú tèmi, torí ó sọ ìyàtọ̀ èrò di àbùkù ìwà, èèyàn ò sì ní fẹ́ jẹ́ orúkọ yẹn lójú aládùúgbò. Ẹ̀kọ ìyá rẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé (n kò bá a jà lórí ìyẹn), àmọ́ ó fi ṣáájú iye náà kí àánú lè ti ṣe wá kí a tó ka ìṣirò.

Bí a bá máa ka ọ̀rọ̀ yìí lórí afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí àlàyé òṣùwọ̀n tẹ̀ lé e láìdúró. Mo ti fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀: ọjà wo, nínú ìsọ̀ ta ni, ló rọ̀?