Ìwé Ìbéèrè fún Iṣẹ́ Olùtọ́jú Sítọ́ọ̀ Kòkó

Ìjọ̀kà,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
9 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Alákòóso Sítọ́ọ̀ Kòkó,
Òpópónà Oyèmẹ́kùn,
Àkúrẹ́.

Ọ̀gá,

ÌBÉÈRÈ FÚN IṢẸ́ OLÙTỌ́JÚ SÍTỌ́Ọ̀

Mo ń bèèrè fún iṣẹ́ olùtọ́jú sítọ́ọ̀ tí ẹ lẹ ìkéde rẹ̀ mọ́ ẹnu géètì yín. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni mo ṣe ní sítọ́ọ̀ kòkó kan nílùú Oǹdó láti ọdún 2017 títí di oṣù Kẹta 2023.

Èmi ni mo ń wọn kòkó, tí mo ń kọ orúkọ ẹni tó kó o wá, iye àpò àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń ka àpò tó wà nílẹ̀, tí mo sì ń fi wé àkọsílẹ̀. Kòkó tí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 7.5 nínú 100 lọ kì í wọ sítọ́ọ̀ lọ́wọ́ mi, torí pé yóò bu, èébu rẹ̀ yóò sì ran àwọn àpò tó wà nítòsí. Mo máa ń fi pákó sábẹ́ àpò, n kì í sì í tò ó mọ́ ògiri, kí atẹ́gùn lè rí àyè kọjá.

Ẹ ó rí i nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ mi pé láti oṣù Kẹrin 2023 di oṣù Kẹjọ 2024, ìyẹn oṣù 17, n kò ṣe iṣẹ́ olówó-oṣù kankan. Èmi fúnra mi ni mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lu ìyá mi, kò sì sí ẹlòmíràn nílé tó lè máa gbé e lọ gba ìtọ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní báyìí ó ti ń fi ọ̀pá rìn, àbúrò mi obìnrin sì ti kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo lè ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, àti títí ilẹ̀ yóò fi ṣú nígbà tí kòkó bá ya dé.

Owó kòkó ti gbéra gan-an láàárín ìgbà tí n kò sí nídìí iṣẹ́, nítorí náà àṣìṣe kílò kan lórí òṣùwọ̀n ti di owó ńlá fún yín àti fún àgbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, mo ṣetán láti wá wọn kòkó, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú yín fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó pinnu.

Mo so ìwé ìtàn iṣẹ́ mi mọ́ lẹ́tà yìí, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé tí ọ̀gá mi àtijọ́ fi gbà pé kí n máa lọ. Ó ti gbà pé ẹ lè pe òun. Nọ́ńbà rẹ̀ àti tèmi wà nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ náà. Mo lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Fọlákẹ́ Akíndélé