Ìbéèrè fún owó ìdápadà ìwé àdéhùn nọ́ńbà 0417-2268, pẹ̀lú gbogbo ìṣírò rẹ̀

Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2025

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Adójútòfò Ẹ̀mí

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo ni ìwé àdéhùn adójútòfò ẹ̀mí oní-ìfowópamọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, 2011, ogún ọdún la sì jọ fi í sí. Mo fẹ́ mọ iye tí ẹ ó san fún mi bí mo bá dá ìwé náà padà kó tó pé, mo sì fẹ́ kí ẹ kọ ìṣírò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì ní kí ẹ fagi lé e. Ẹ má ka lẹ́tà yìí sí ìwé ìdápadà, ẹ má sì dá owó oṣooṣù tí ẹ ń yọ ní báńkì mi dúró. Mo ti fi ọdún mẹ́rìnlá àti ààbọ̀ dàgbà sí i. Bí ààbò yìí bá já lónìí, kò sí ibi tí wọn yóò ti gbà mí ní iye tí mo ń san láti 2011.

Ohun tó fà á ni pé ọkọ mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láti oṣù Karùn-ún, owó oṣù kan ṣoṣo la wá ń pín. A ní láti mọ̀ bóyá ká dá ìwé náà padà, bóyá ká dáwọ́ sísan dúró ká jẹ́ kó máa jókòó, tàbí ká fún ìgbànú mọ́ ìdí títí di 2031. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń ṣe ní àbá.

Ní ọjọ́ 7, oṣù yìí, mo pè yín lórí fóònù. Ẹni tó dá mi lóhùn ṣe sùúrù, ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó ní owó tí mo lè gbà jẹ́ 1,164,300. Nígbà tí mo béèrè bó ṣe jẹ́, ó ní kọ̀ǹpútà ló gbé e jáde, òun kò rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún ní oṣù 173 ni mo ti san. Ọ̀rọ̀ oṣù 173 yìí ló jẹ́ kí n gbé àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ tí mo ń kó ìwé yín sí sọ̀ kalẹ̀, tí mo sì fi òru ọjọ́ náà kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. (Owó tí a fi kọ ìwé àdéhùn náà ni gbogbo iye inú lẹ́tà yìí.)

Láti oṣù Kẹta, 2011 dé oṣù Kẹwàá yìí, oṣù 176 ló jẹ́. Mo mọ ibi tí mẹ́ta ti sọnù. Ní 2020, mi ò rí ti oṣù Kẹrin, Karùn-ún àti Kẹfà san lásìkò. Mo san mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ ní ọjọ́ 9, oṣù Keje ọdún náà, mo sì san owó ìpẹ́ lórí wọn. Rìsíìtì rẹ̀ wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí: òǹtẹ̀ yín aláwọ̀ búlúù wà lórí rẹ̀, ẹni tó gbà á sì fi bírò kọ "mẹ́ta, ó pé" sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Oṣù mẹ́ta lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe sí ìpìlẹ̀ ìṣírò. Owó tí ẹ fọwọ́ sọ̀yà fún mi jẹ́ 2,400,000. Bí mo bá dáwọ́ sísan dúró lónìí, ìdá tí mo ti san nínú oṣù 240 ni yóò dúró fún mi:

2,400,000 × 176 ÷ 240 = 1,760,000

Bí ẹ bá fi 173 sí i, 1,730,000 ni. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ti lọ kí ìṣírò tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àkọsílẹ̀ náà ṣe kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kí ẹ sì kọ iye oṣù tí ẹ lò sókè pátápátá nínú èsì yín.

Lẹ́yìn náà ni bónọ́ọ̀sì. Ìwé yín tó dé kẹ́yìn sọ pé àpapọ̀ bónọ́ọ̀sì tó ti di tèmi títí dé ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 2024 jẹ́ 612,000. Lẹ́tà ọdọọdún yín wà lọ́wọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti 2016 ni omi bà jẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ ò ṣeé kà mọ́, ti 2020 sì sọ pé kò sí bónọ́ọ̀sì lọ́dún náà. Mo fẹ́ kí ẹ to bónọ́ọ̀sì náà fún mi lọ́dọọdún: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ kéde, ṣé orí owó tí ẹ fọwọ́ sọ̀yà nìkan ni ẹ gbé e lé, àbí bónọ́ọ̀sì ti àtẹ̀yìnwá náà ń bí ọmọ. Ẹ tún sọ fún mi bóyá ohun kan wà fún oṣù mẹ́wàá tó ti lọ nínú 2025, tí ẹ kò tíì kéde bónọ́ọ̀sì fún.

Ibi tó kan mí lára jù nìyí. Mo ti yá owó lórí ìwé yìí: 300,000 ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, 2022, pẹ̀lú èlé 9 nínú 100 lọ́dún. Mo ti san padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, 90,000 nígbà kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà 2023, 2024 àti 2025. Bí èlé bá ń wọ inú gbèsè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó yẹ kó ku 93,479.70 lẹ́yìn ìgbà tí mo san kẹ́yìn, kó sì jẹ́ nǹkan bí 96,338 lọ́jọ́ tí mo pè yín. Mo wá fi èyí kún iye tí ẹ sọ lórí fóònù, láti mọ ohun tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó yọ gbèsè:

1,164,300 + 96,338 = 1,260,638

Ẹ jẹ́ ká wò ó pọ̀. Bí ẹ bá ka bónọ́ọ̀sì mọ́ ọn, 1,760,000 pẹ̀lú 612,000 jẹ́ 2,372,000, a jẹ́ pé bíi 53 nínú 100 ni ẹ fún mi. Bí ẹ kò bá ka bónọ́ọ̀sì rárá, a jẹ́ pé bíi 72 nínú 100 ti 1,760,000 ni. Èwo nínú méjèèjì? Bí ó bá jẹ́ èkejì, bónọ́ọ̀sì tí ẹ ti fi lẹ́tà sọ fún mi lọ́dọọdún pé ó ti di tèmi ti bọ́ sínú kòtò. Bí ó bá jẹ́ àkọ́kọ́, ẹ fi tábìlì tí ẹ ti mú 53 náà hàn mí, pẹ̀lú ọjọ́ orí, iye ọdún tó kù àti èlé tí a fi ṣe é. Ní ti gbèsè náà, ó lè jẹ́ pé èmi ni mo ṣìṣe, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni èlé yín ń wọlé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tò ó fún mi kí n rí i: ọjọ́ tí èlé kọ̀ọ̀kan wọlé, ọjọ́ tí owó mi kọ̀ọ̀kan dé, àti iye tó kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yé mi pé owó ìdápadà kì í tó ohun tí èèyàn máa gbà bí ìwé bá pé. Owó tí a fi ń dáàbò bo ẹ̀mí mi láti 2011 ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀, kò sí bí yóò ṣe padà. Ó yé mi pẹ̀lú pé ọdún àkọ́kọ́, owó aṣojú àti ìnáwó ìwé ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí èèyàn san. Ṣùgbọ́n ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún la wà yìí. Bí ẹ bá ṣì ń yọ ohunkóhun nítorí ìnáwó ìbẹ̀rẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì sọ gbólóhùn inú ìwé àdéhùn tó fún yín láyè.

Nínú 11,500 tí mo ń san lóṣù, 1,200 wà fún àfikún ìjàm̀bá àti àìlera, 10,300 tó kù sì jẹ́ ti ìwé gan-an. Mo mọ̀ pé àfikún kò ní owó ìdápadà, mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. Abala 9 sọ pé ohun tí ẹ ó san kò gbọdọ̀ dín sí 30 nínú 100 gbogbo owó tí mo san lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, láìka ti àfikún. Ní tèmi, oṣù 164 × 10,300 jẹ́ 1,689,200, 30 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ 506,760. Ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ iye tí ẹ bá gbé jáde, kí a rí i pé èyí tó ga jù ni ẹ lò. Ẹ sọ bóyá bónọ́ọ̀sì àṣekágbá wà fún ẹni tó bá dá ìwé padà, àti owó orí tàbí owó iṣẹ́ tí ẹ ó yọ kẹ́yìn.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe ìṣírò náà fún ọjọ́ méjì: ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 2025, kí owó oṣù Kọkànlá tó jáde, àti ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, 2026, nígbà tí oṣù 180 bá pé tí 1,760,000 náà di 1,800,000. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ iye méjì lásán. Bí oṣù mẹ́rin àti bónọ́ọ̀sì 2025 bá lè mú ìyàtọ̀ gidi wá, a ó wá ọgbọ́n dá dé ibẹ̀.

Ní ìwé kan náà, ẹ bá mi kọ ohun tí yóò jẹ́ tèmi ní 2031 bí mo bá dáwọ́ sísan dúró láìdá ìwé padà, àti bóyá bónọ́ọ̀sì tuntun á ṣì máa wọlé. Ẹ sọ iye tí mo ṣì lè yá. Èyí tí mo lè ṣírò fúnra mi ni ti kí n san án parí: oṣù 64 ló kù, 736,000 ni yóò jáde lọ́wọ́ mi, 3,012,000 sì ni ó kéré tán tí yóò wọlé, kí a tó yọ gbèsè. Bí nọ́ńbà yìí kò bá tọ̀nà, ẹ tún un ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, kí èsì náà wà lórí ìwé, kí onímọ̀ ìṣírò yín tàbí ẹni tó lè dáhùn fún un fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí iye náà ń bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí kò ní lágbára mọ́. Inú mi yóò dùn bí ó bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí oṣù yìí tó parí, ní àdírẹ́sì tó wà nínú fáìlì mi. Bí ìbéèrè kan bá wà tó lè dá a dúró, ẹ pè mí lọ́jọ́ náà gan-an, mo máa ń gbé fóònù lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí mo so mọ́ ọn ni ẹ̀dà rìsíìtì ọjọ́ 9, oṣù Keje, 2020, lẹ́tà bónọ́ọ̀sì 2024, rìsíìtì mẹ́ta tí mo fi san owó yíyá padà, àti ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ mi. Ojúlówó ìwé àdéhùn wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì tíì fi í ránṣẹ́.

Ẹ ṣeun, mo ń retí yín.

Tiyín ní tòótọ́,
Ẹni tó ni ìwé àdéhùn 0417-2268