Ọ̀rọ̀ Ìkíni fún Bàbá àti Màmá wa ní Òkè Àgọ́ Òwu, ní Ọjọ́ Tí Ìgbéyàwó Wọn Pé Àádọ́ta Ọdún

Ẹ̀yin òbí mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀, mo kí yín. Ẹ kú àádọ́ta ọdún, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú oríire, ẹ sì kú àseyẹ òní. Ọ̀pọ̀ ẹnu ni yóò kí yín lónìí, àwọn tí ó dàgbà jù mí lọ yóò kí yín lọ́nà tí ó yẹ àgbà, ṣùgbọ́n ọmọ inú ilé ni èmi, ohun tí mo rí láàárín ilé ni mo sì fẹ́ fi kí yín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lẹ́nu lásán, ẹkún kò ní jẹ́ kí n dé ìdajì rẹ̀.

Ọjọ́ 24, oṣù Kẹrin, ọdún 1976, tí ó bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, ni wọ́n so yín pọ̀ ní Kàtídírà Pétérù Mímọ́ tí ó wà ní Aké. Ìpínlẹ̀ Ògùn tí a ń gbé inú rẹ̀ yìí kò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà náà, nítorí ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún náà ni ìjọba ológun kéde rẹ̀. Bàbá máa ń fi èyí ṣe àwàdà pé ìgbéyàwó àwọn àti ìpínlẹ̀ wa jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n pé ìpínlẹ̀ ti pààrọ̀ gómìnà lẹ́ẹ̀melòó kan, nígbà tí gómìnà ti òun ṣì wà lórí àga láti ọjọ́ náà. Màmá yóò wá fèsì pé kò sí ẹni tí yóò bá òun du ipò náà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju owó rẹ̀ lọ.

A gbọ́ pé kò rọrùn kí wọ́n tó gbà fún yín. Bàbá Màmá, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ni a gbọ́ pé ó bèèrè pé ṣé gbogbo ọkùnrin Ẹ̀gbá ni ó ti tán ní ìlú tí ọmọ òun fi ń mú ọmọ Òwu wálé. Mo ń wo àwọn àna tí wọ́n jókòó sí apá ọ̀tún lónìí, mo rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹjọ́ náà ti tán. Bàbá ló dá a, nígbà tí ó di pé òun ni bàbá àna rẹ̀ ń ránṣẹ́ pè bí ara rẹ̀ kò bá yá, tí kì í pe ọmọ tí ó bí nínú ara rẹ̀.

Ọdún 1985 ni mo dé ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ìyá mi tí í ṣe àbúrò Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, mo gbé àpò kan dání, mi ò sì sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1976. Aládìrẹ ni Màmá ní Ìtòkú, nísàlẹ̀ Olúmọ, bí ìyá rẹ̀ ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní ilé yín ni èékánná Bàbá. Aró wà lábẹ́ gbogbo wọn, ó dúdú bí ẹni pé wọ́n fi sínú tàdáwà. Ní ilé ẹ̀kọ́, ẹfun ìkọ̀wé yóò funfun sí orí àwọn ìka náà, aró yóò sì dúdú sí abẹ́ wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ ọ́ ní Tíṣà Aláró. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ti sọ ọ́ di ọmọṣẹ́. Kò dá wọn lóhùn rí.

Alaalẹ́, lẹ́yìn tí a bá jẹun tán, a ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó gbé àtùpà sáàárín. Bàbá yóò fi lẹ́ẹ̀dì pupa máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí yóò fi tán, yóò tì í sápá kan, yóò sì na ọwọ́ gba aṣọ funfun àti ìko lọ́wọ́ Màmá. Yóò wá máa di í ní kókó kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn bí kókó mẹ́wàá, yóò gbé e síwájú Màmá, yóò béèrè pé, “Àṣàkẹ́, ṣé ó le tó?” Màmá yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò, yóò ní, “Àkànní, èyí kò le, aró yóò wọ inú rẹ̀.” Bàbá yóò tú u, yóò tún un dì. Ẹ forí jì mí tí mo fi oríkì pè yín níṣojú ènìyàn, ọmọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn nìyẹn ní ìdí àtùpà, n kò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kí wọn lónìí pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ, bóyá púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ pé ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wá ọmọ. Nígbà tí ó pé ọdún mẹ́rin, àwọn ẹbí kan pe Bàbá jókòó, wọ́n ní kí ó fẹ́ ìyàwó kejì, wọ́n sì ti rí ọmọge náà pàápàá. Màmá ló sọ ìtàn yìí fún mi ní ọjọ́ tí èmi náà ń sunkún nítorí ọmọ. Ó ní Bàbá tẹ́tí sí wọn títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tètè máa lọ, nítorí omi aró wà lórí iná, ìyàwó òun kò sì lè dá gbé ìkòkò náà sọ̀. Ó dìde, ó jáde. Wọn kò tún pè é mọ́. Ọdún 1982 ni àkọ́bí wọn dé.

N kò ní purọ́ pé ẹ kì í jà. Mo rántí ọdún tí Bàbá mú owó tí Màmá fẹ́ fi ra tẹ́rù funfun, tí ó yá ẹbí kan láìsọ fún un, tí ẹbí náà sì fi owó náà sálọ. Màmá kò bínú pariwo. Ó kàn dákẹ́ ni, ilé sì tutù. Èmi ni mo di alárinà: “Lọ sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ wà lórí tábìlì.” “Lọ sọ fún ìyá rẹ pé mo ti rí i.” Ní ọjọ́ kẹrin, mo jí ní ìdájí, mo bá Bàbá ní ìdí kànga, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó ń fa omi, ó ń rù ú lọ sí ìdí àwọn ìkòkò aró. Ó kún gbogbo wọn kí ó tó wẹ̀, kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kò tíì pé mẹ́wàá tí Màmá fi tún ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó pé iye ọjọ́ tí ó bá ara rẹ̀ dá. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi ẹnu bẹ̀ láti ìgbà náà. Ti ìdí kànga yẹn ni mo gbà gbọ́ jù.

Nígbà tí owó oṣù àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀, tí oṣù méjì ń di mẹ́ta kí ó tó jáde, àdìrẹ Màmá ni ó gbé wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọwọ́ Bàbá ni Màmá sì máa ń kó owó ilé ìwé náà sí ní ìkọ̀kọ̀, kí àwa ọmọ lè gbà á lọ́wọ́ bàbá wa. Mo rí i láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Màmá, ẹ dárí jì mí, ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi pa àṣírí náà mọ́, mo sì rò pé òní ni ó yẹ kí àwọn àbúrò mi gbọ́ ọ.

Màmá kọ́ mi ní aró rírẹ. Ó fi hàn mí pé bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde láti inú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni yóò ní, pé afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró níwájú ẹni, àti pé ẹni tí ó bá rì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì rẹ nǹkan kan. A rì í, a sá a, a tún rì í. Nígbà tí mo fẹ́ pa dà sílé lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ tí mo lọ sílé ọkọ, ìdí ìkòkò yẹn ni Màmá mú mi lọ. Kò gbà mí nímọ̀ràn kankan. Ó kàn na aṣọ sí mi pé kí n tún un rì. Mo pa dà sílé ọkọ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin àlejò wa, àdìrẹ oníko tí gbogbo ẹbí wọ̀ lónìí, ọwọ́ àwọn méjèèjì ni ó dì í. Bàbá ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó ń fi ọwọ́ wá ibi tí kókó yóò wà. Mo wà níbẹ̀ ní oṣù tí ó kọjá, mo sì gbọ́ ọ tí ó béèrè bóyá ó le tó. Màmá tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó le. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà, kò le rárá. Bí ẹ bá rí ibi tí aró ti wọ inú funfun ní ara aṣọ yín, ẹ má ṣe bínú.

Bàbá, Màmá, mo gbàdúrà fún yín. Ọlọ́run tí ó mú yín rí òní yóò mú yín rí ọ̀pọ̀ ọdún sí i nínú ìlera. Ẹ ó fi ọwọ́ pa ewú, ẹ ó fi èrìgì jẹ obì. Orúnkún Màmá tí ó ń dùn ún lórí àtẹ̀gùn, Olúwa yóò fún un lókun. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe sí ojú Bàbá ní oṣù tí ń bọ̀, àṣeyọrí ni yóò jẹ́, yóò sì tún fi ojú ara rẹ̀ ka Bíbélì. Ẹ kò ní fi ojú sunkún ọmọ, ẹ kò ní sin ọmọ-ọmọ. Oúnjẹ kò ní wọ́n ní ilé yín, ẹsẹ̀ ènìyàn kò ní dá ní ẹnu ọ̀nà yín. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnìkan yóò ṣáájú. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí ọjọ́ náà jìnnà réré, kí ó dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kí àwa ọmọ sì wà nítòsí ẹni tí ó bá kù, kí ó má ṣe dá jókòó ní ìdí àtùpà. Olúwa yóò gbọ́ tiwa. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ gbà tọ́, tí ẹ kò sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé wọ́n gbà á tọ́,

Àjọkẹ́
Abẹ́òkúta, ọjọ́ 24, oṣù Kẹrin, ọdún 2026