Ṣé fótò nìkan lè fi hàn pé ojúlówó ni oògùn ibà yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi rí oògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbeni, n'Ìbàdàn, átẹ́mítà pẹ̀lú lumẹfántírìnì, 80/480 mg. Owó rẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á ní Mókọ́lá. Ó ya fótò páálí rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù. Bàbá wa tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló fẹ́ lò ó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé ibà ni. Ẹ bá mi wo fótò náà: ṣé ojúlówó ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí bàbá tó gbé e mì. A ti wo fótò náà, a ò rí àléébù kankan lára páálí, ṣùgbọ́n a ò lè torí ìyẹn sọ pé ojúlówó ni. Fótò lè tú àṣírí ayédèrú: orúkọ tí wọ́n ṣì kọ, ọjọ́ tó ti kọjá, nọ́ńbà NAFDAC tí kò sí níbẹ̀. Kò lè jẹ́rìí ojúlówó. Ẹni tó bá lè tẹ páálí lè tẹ nọ́ńbà NAFDAC sára rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn mìíràn ń ṣa páálí ojúlówó tó ti ṣófo, wọ́n á kó nǹkan mìíràn sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fótò ò sì lè sọ iye átẹ́mítà tó wà nínú hóró kan. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ló ń sọ ìyẹn. Kódà ojúlówó tí wọ́n sá sóòrùn ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mélòó kan lè ti pàdánù agbára rẹ̀, kí páálí rẹ̀ ṣì máa dán.

Wáàsáàpù tún máa ń fún fótò pọ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́ á sì di bàìbàì. Iná ṣọ́ọ̀bù náà ń yí àwọ̀ padà, nítorí náà ẹ má fi àwọ̀ inú fótò dájọ́.

Ìbéèrè: Kí ni kí àbúrò mi yẹ̀ wò níbẹ̀, kó tó sanwó?

Ìdáhùn: Kó ní kí wọ́n ṣí páálí níwájú òun. Nọ́ńbà bátìsì àti EXP ara páálí gbọ́dọ̀ bá ti ara káàdì oògùn mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí wọ́n bá ti gé ibi tí EXP wà kúrò lára káàdì, tàbí tí ó dà bíi pé wọ́n fi òǹtẹ̀ mìíràn lu orí ti àkọ́kọ́, kó dá a padà. Kó ka hóró: fún àgbàlagbà, 80/480 jẹ́ mẹ́fà, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Hóró tó ń wó, tó lámì tótòtó tàbí tó ti rọ̀, kò dára.

Nọ́ńbà NAFDAC ti oògùn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A4, B4 tàbí 04. Ẹ wá a lórí greenbook.nafdac.gov.ng. Kì í ṣe kí nọ́ńbà kàn wà níbẹ̀ o: orúkọ oògùn, agbára rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbọ́dọ̀ bá ti páálí mu. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n rí nọ́ńbà, wọn ò ka orúkọ tó tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Ibi híhọ tó wà lára páálí ńkọ́? Ṣé kó họ ọ́, kó ya fótò rẹ̀ fún mi?

Ìdáhùn: Kó họ ọ́, ṣùgbọ́n kó má ya fótò rẹ̀ rárá o! Bíi káàdì ìpè ni PIN tó wà lábẹ́ ibi híhọ yẹn, ìgbà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá rí fótò rẹ̀ lè lò ó ṣáájú yín, páálí mìíràn tí wọ́n da nọ́ńbà yẹn kọ náà sì lè wà nígboro. Tí wọ́n bá ti họ ọ́ kí ẹ tó rà á, ẹ má gbà á. Kí àbúrò yín fi owó ẹyọ họ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó fi PIN ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kúkúrú tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tí ẹnìkan fún un lẹ́nu. Èsì á dé lórí fóònù. Bí èsì bá ní àṣìṣe ni, kó tún ka nọ́ńbà náà. 5 àti 6 máa ń jọra tí híhọ bá ti bà wọ́n jẹ́. Bí wọ́n bá ní ẹnìkan ti lò ó, oògùn náà ò gbọdọ̀ dé ẹnu bàbá.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ló ní ibi híhọ. NAFDAC bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní 2010, àwọn oògùn ibà àti apakòkòrò ni wọ́n mú ní dandan.

Ìbéèrè: Tó bá yege gbogbo rẹ̀, ṣé ọkàn mi lè balẹ̀?

Ìdáhùn: Ó kù ibi tí ẹ ti rà á. Kí àbúrò yín wo ìwé àṣẹ ọdún yìí lára ògiri, kó béèrè apòògùn tó wà níbẹ̀, kó gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà bátìsì. Owó tó fi díẹ̀ kéré kò burú, nítorí ọjà osunwọ̀n ń tà ní owó kékeré. Èyí tó wálẹ̀ dé ìdajì ni ká fura sí.

Ìbéèrè: Bí bàbá bá lò ó, tí ibà ò lọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má kọ́kọ́ pe oògùn ní ayédèrú. Tí bàbá bá bì í láàárín wákàtí kan, ó yẹ kí wọ́n tún un lò. Kí wọ́n lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó lépo, torí lumẹfántírìnì ò wọnú ara dáadáa lórí inú òfo. Bí ara ṣì ń gbóná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ padà lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ń dákú, tí ẹyinjú wọn di àwọ̀ ìyeyè, tàbí tí wọn ò lè mu omi, ẹ má dúró de ọjọ́ mẹ́ta rárá: ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bíi UCH. Ẹ fi páálí, káàdì àti hóró tó kù pamọ́. Ohun tí ọ́fíìsì NAFDAC máa nílò láti yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn.